Kọfí dúdú, tíì àti ẹ́nájì dírìńkì: bí ẹ ṣe lè fi ẹ̀rọ yín mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín

Ìyá kan mú ìwé tó ń kọ ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí wá bá mi lẹ́nu iṣẹ́. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ló ń bá a fínra, mẹtifọ́mìnì nìkan ló sì ń lò. Ó fi ìka tọ́ ìlà kan hàn mí. Nígbà tó jí láàárọ̀, ẹ̀rọ kọ 118. Ó mu kọfí dúdú ife ńlá méjì, kò fi ṣúgà sí i, kò fi mílíìkì sí i, kò sì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 45 ó tún gún ìka, ẹ̀rọ kọ 131. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ibo ni ṣúgà yìí ti wá? Ṣebí omi gbígbóná àti kọfí ni mo mu."

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló rí irú rẹ̀ tí wọ́n sì rò pé ẹ̀rọ wọn ló ti bàjẹ́. Nǹkan méjì ló wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Èkíní ni ohun tí kọfí ń ṣe nínú ara. Èkejì ni bí èèyàn ṣe máa mọ̀ dájú pé kọfí ló ṣe é, torí pé 118 àti 131 nìkan kò lè sọ ìyẹn fún un. Orí èkejì yìí ni mo máa pẹ́ sí jù, nítorí òun lẹ ti lè fọwọ́ ara yín ṣe nǹkan nílé.

Gbogbo iye tí mo bá kọ síbí, mg/dL ni. Bó bá jẹ́ mmol/L ni ẹ̀rọ yín ń kọ, ẹ fi 18 pín iye tèmi: 126 di 7.0, 180 sì di 10.0.

Ibi tí ṣúgà ti ń wá nígbà tí kò sí ṣúgà nínú ife

Káfíìnì ni ohun tó ń lé oorun lójú ẹni nínú kọfí, tíì àti ẹ́nájì dírìńkì. Tí èèyàn bá mu ún tán, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ló máa ń kún inú ẹ̀jẹ̀ jù. Á mú kí ara tú adẹrẹnálìnì jáde, èyí tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá ba èèyàn. Ara á wá máa ṣe bí ẹni tó fẹ́ sáré. Ẹ̀dọ̀, tó jẹ́ àká tí ṣúgà ń wà ní ìpamọ́, á sì bu díẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ fún eré tí ẹnikẹ́ni kò ní sá.

Ohun kejì ló tún ṣe pàtàkì jù. Ínsúlínì ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà láti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Nígbà tí káfíìnì bá wà lára, ẹran ara kì í tètè dá ínsúlínì lóhùn bó ṣe máa ń ṣe. Nítorí náà, ṣúgà tí èèyàn jẹ nínú oúnjẹ àárọ̀ á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí oúnjẹ bá tẹ̀ lé kọfí ni ìyàtọ̀ máa ń hàn jù. Kọfí nìkan lórí òfìfo inú lè má ṣe ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ.

Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ náà kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Àmọ́ páńkíríásì rẹ̀, ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì, á kàn tú ínsúlínì díẹ̀ sí i jáde, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ẹ̀rọ lè má rí nǹkan kan. Ti ẹni tó ní oríṣi kejì kò ní agbára àfikún yẹn mọ́, tàbí kó má lè fi ìrọ̀rùn ṣe é mọ́. Ẹni tó ní oríṣi kìíní kò sì ní ínsúlínì kankan ju èyí tó gún síra lọ, tó ti gún kó tó mọ̀ pé kọfí máa dá sí i.

Ní ọdún 2008, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Duke gbé ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èèyàn 10 tó ní oríṣi kejì, tí wọ́n ń mu kọfí lójoojúmọ́, ni wọ́n lẹ ẹ̀rọ tó ń wo ṣúgà tọ̀sán-tòru mọ́ lára. Lọ́jọ́ kan wọ́n fún wọn ní káfíìnì mílígíráàmù 500 nínú kápúsù, ìdajì láàárọ̀, ìdajì lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kejì kápúsù tí kò ní káfíìnì ni wọ́n gbé mì. Ṣúgà wọn fi nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ga jù lójú ọ̀sán ọjọ́ káfíìnì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ìyàtọ̀ náà tó ìdá 26. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀sán ni wọ́n ti lo èyí tó kẹ́yìn, síbẹ̀ oúnjẹ alẹ́ ló jẹ́ kó hàn jù. Àwọn wọ̀nyí sì ti mọ kọfí mu tipẹ́, wọn kì í ṣe àlejò rẹ̀.

Ẹ lè ti gbọ́ pé kọfí ń dín àtọ̀gbẹ kù. Òótọ́ ni pé àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èèyàn fún ọdún púpọ̀ rí i pé oríṣi kejì kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń mu kọfí, títí kan àwọn tó ń mu èyí tí wọ́n ti yọ káfíìnì rẹ̀ kúrò. Ọ̀rọ̀ wákàtí méjì kò jọ ọ̀rọ̀ ogún ọdún, nǹkan mìíràn sì wà nínú kọfí yàtọ̀ sí káfíìnì. Àmọ́ ẹni tí àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀, wákàtí méjì yẹn ló ń bá jà lójoojúmọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú ife yín

Káfíìnì lọ́tọ̀, ṣúgà lọ́tọ̀. Tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣẹ̀ yín.

Ife kọfí tó gba mílílítà 240 máa ń ní káfíìnì tó nǹkan bí mílígíráàmù 95. Tíì dúdú inú ife kan náà ní nǹkan bí ìdajì ìyẹn, tíì àwọ̀ ewé sì kéré sí i, bíi 30. Kọfí tí wọ́n ti yọ káfíìnì rẹ̀ kì í tó 10. Agolo ẹ́nájì dírìńkì mílílítà 250 sábà máa ń ní 80, èyí tó jẹ́ 500 sì ní 160. Bí ẹ ṣe pò ó tàbí bó ṣe pẹ́ nínú omi gbígbóná tó lè yí àwọn iye yìí padà, pàápàá ti tíì.

Ife ilé kì í ṣe mílílítà 240. Ẹ bu omi kún ife yín títí dé ibi tí ẹ máa ń bu kọfí dé, kí ẹ sì dà á sínú nǹkan tó ní àmì ìwọ̀n. Ife ìyá tí mo ń sọ gba 350. Èyí tó ń pè ní ife méjì jẹ́ 700 mílílítà, káfíìnì inú rẹ̀ sì súnmọ́ 280 lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ tó ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù sọ lọ́dún 2015 pé 200 lẹ́ẹ̀kan, àti 400 láàárín ọjọ́ kan, kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Aláboyún kò gbọ́dọ̀ kọjá 200 lójúmọ́. Ìyá yìí ti ré kọjá ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan kó tó jẹun àárọ̀.

Ní ti ṣúgà, ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú jẹ́ gíráàmù 4. Mílíìkì olómi lásán ní gíráàmù 5 nínú mílílítà 100, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fi ṣúgà sí i. Mílíìkì alágolo tó ki tó sì dùn, ju ìdajì rẹ̀ lọ ni ṣúgà. Kọfí inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti po gbogbo nǹkan mọ́ máa ń ní ṣúgà tirẹ̀, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ́nájì dírìńkì ni ibi tí wọ́n ti ń kó sí páńpẹ́ jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan gbé agolo ńlá kan sí iwájú mi, ó ní ṣúgà inú rẹ̀ kò pọ̀, 11 péré ni. Mo ní kó tún un kà. Gíráàmù 11 nínú mílílítà 100 ni wọ́n kọ. Agolo ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ 500. Gíráàmù 55 ló ń mu, ìyẹn bíi ṣíbí tíì 14, ó sì rò pé ṣíbí mẹ́ta ni. Ìlà tó sọ nípa mílílítà 100 àti iye tí agolo gbà, àwọn méjèèjì ni kí ẹ máa kà pọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ọwọ́ yín àti ẹ̀rọ

Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gún ìka. Ẹ̀kán ẹ́nájì dírìńkì tàbí ìyẹ̀fun ṣúgà tó bá wà lórí ìka á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń yẹ̀ wò, ẹ̀rọ á sì kọ iye tí kò sí lára yín rárá. Bí iye kan bá yà yín lẹ́nu, ẹ tún ọwọ́ fọ̀, kí ẹ gún ìka mìíràn. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò sítíríìpù, kí ẹ sì máa dé ìgò náà pa.

Ẹ mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ mọ. Ìlànà àgbáyé fún ẹ̀rọ ilé, ISO 15197 ti ọdún 2013, béèrè pé nínú 100 ìdánwò, ó kéré tán 95 gbọ́dọ̀ súnmọ́ ti yàrá àyẹ̀wò. Bí ṣúgà kò bá tó 100, kó má fi ju 15 yà sókè tàbí sísàlẹ̀. Bó bá tó 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kó má ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ wá wo 118 ìyá yìí. Òótọ́ rẹ̀ lè wà níbikíbi láàárín 100 sí 136. 131 náà lè wà láàárín 111 sí 151. Ẹ̀jẹ̀ tí ṣúgà inú rẹ̀ kò yí padà rárá lè fún un ní àwọn iye méjèèjì. Nǹkan mìíràn tún wà: láfẹ̀mọ́júmọ́, ara fúnra rẹ̀ máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tú ṣúgà jáde kí èèyàn lè dìde, ó sì lè máa gòkè lọ títí tí èèyàn fi máa jẹun. Ìyá yìí ì bá ti mu omi lásán, kó sì rí 131. Ohun tí mo sọ fún un nìyẹn: kò tíì rí ẹ̀rí tó lè dá kọfí lẹ́bi. Ó nílò àárọ̀ omi láti fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìgbésẹ̀ kejì: àárọ̀ mẹ́rin

Ẹ yan àárọ̀ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Ọjọ́ kìíní omi, ọjọ́ kejì kọfí tàbí ohun tí ẹ ń mu, ọjọ́ kẹta omi, ọjọ́ kẹrin kọfí. Ẹ má kó omi méjì ṣáájú kí ẹ tó wá kó kọfí méjì tẹ̀ lé e, torí pé ara lè ti yàtọ̀ láàárín.

Oúnjẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà láàárọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìwọ̀n kan náà, wákàtí kan náà. Ẹ má ṣe yan oúnjẹ tí ṣúgà rẹ̀ ń yí padà, bí èso tó ń pọ́n lọ. Búrẹ́dì ègé méjì láti inú odidi kan náà àti ẹyin sísè kan tó fún ìdánwò yìí. Oògùn yín kó dúró bó ṣe wà, lákòókò tó yẹ. Ẹ má rìn lọ rìn bọ̀ lọ́jọ́ kan kí ẹ wá jókòó lọ́jọ́ kejì.

Ọjọ́ tó ṣáájú ìdánwò, ẹ má mu káfíìnì mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Tó bá tó bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì máa ń wà lára. Lára aláboyún àti ẹni tó ń lo hóró ìfètòsọ́mọbíbí, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ lára ẹni tó ń mu sìgá, ó máa ń tètè lọ.

Orí lè fọ́ yín lọ́jọ́ omi bó bá jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ń mu kọfí. Ibí ni ọ̀pọ̀ ìdánwò ti ń bàjẹ́. Oògùn ẹ̀fọ́rí kan wà tó jẹ́ pé parasitamọ́ọ̀lù mílígíráàmù 500 àti káfíìnì 65 ló wà nínú hóró kan. Ẹni tó bá lo méjì ti gba káfíìnì 130, ó ju ife kọfí kan lọ, ó sì rò pé ọjọ́ omi lòún wà. Ẹ ka ara páálí oògùn yín kí ẹ tó lò ó.

Ẹ kọ bí ẹ ṣe sùn sílẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Bath yẹ èèyàn 29 tí ara wọn le wò. Nígbà tí wọ́n jí wọn léraléra lóru, tí wọ́n wá fún wọn ní kọfí dúdú tó le kí wọ́n tó mu omi ṣúgà láàárọ̀, ṣúgà wọn gòkè tó nǹkan bí ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọn kò mu kọfí. Àìsùn dáadáa nìkan, láìsí kọfí, kò ṣe irú rẹ̀. Ọjọ́ tí oorun yín bá já, ẹ má kà á mọ́ àwọn mẹ́rin, ẹ tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ibà bá ń ṣe yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: wákàtí tí ẹ máa gún ìka

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ kan: kí ẹ tó fi nǹkan kan kan ẹnu, wákàtí kan lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́, àti wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí jẹun ni kí ẹ ti máa ka wákàtí, kì í ṣe ìgbà tí ẹ jẹun tán. Ẹ mu kọfí yín ní àsìkò tí ẹ máa ń mu ún gan-an. Bó bá jẹ́ ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ ni, ẹ mu omi ní ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ lọ́jọ́ omi náà, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì dọ́gba. Sítíríìpù 12 ni gbogbo rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣirò

Ẹ má fi iye ọjọ́ kan wé ti ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ iye àárọ̀ kúrò lára iye wákàtí kan àti ti wákàtí méjì, kí ẹ lè rí bó ṣe gòkè tó. Ohun tí ìyá yìí kọ rèé:

| Ọjọ́ | Kó tó jẹun | Wákàtí 1 | Wákàtí 2 | Bó ṣe gòkè tó |
|---|---|---|---|---|
| Omi | 118 | 172 | 149 | 54, lẹ́yìn náà 31 |
| Kọfí | 116 | 198 | 183 | 82, lẹ́yìn náà 67 |
| Omi | 124 | 171 | 158 | 47, lẹ́yìn náà 34 |
| Kọfí | 121 | 209 | 179 | 88, lẹ́yìn náà 58 |

Ẹ wo wákàtí méjì dáadáa. Lọ́jọ́ omi, ohun tó kù lókè iye àárọ̀ kò ju 34 lọ. Lọ́jọ́ kọfí, ó ṣì jẹ́ 67 àti 58. Àmì káfíìnì nìyẹn: kì í ṣe pé ṣúgà ga nìkan, ó tún ń pẹ́ kó tó sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣúgà inú ife ló fà á, wákàtí kìíní ló máa ń fò sókè jù, á sì tètè wálẹ̀.

Bí mo ṣe ń ka irú ìwé yìí ni pé, bí ìyàtọ̀ láàárín ọjọ́ omi àti ọjọ́ kọfí kò bá tó 15, mi ò ní ka nǹkan kan sí i. Bó bá wà láàárín 15 sí 30, mo máa ní kí wọ́n tún un ṣe. Bó bá tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọjọ́ méjèèjì sì fẹnu kò, mo gbà á. Ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ ti ìyá yìí ju 34 lọ ní wákàtí kìíní, ó sì jẹ́ 30 ní wákàtí kejì, àwọn ọjọ́ méjèèjì sì gba ọ̀nà kan náà. Iye wákàtí kìíní rẹ̀ lọ́jọ́ kọfí kọjá 180, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́yìn oúnjẹ. Lọ́jọ́ omi kò kọjá.

A wá ṣe àárọ̀ méjì mìíràn. Èkíní, kọfí tí wọ́n ti yọ káfíìnì rẹ̀, ìwọ̀n kan náà, 700 mílílítà: 117, 168, 150. Bíi ti omi. Nítorí náà káfíìnì ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn inú kọfí. Èkejì, kọfí rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, àmọ́ ife kékeré kan, mílílítà 200: 119, 181, 160. Ó gòkè díẹ̀ ju omi lọ, kò sì tó kí n dá a dúró. Ọjọ́ kan ṣoṣo la ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò sì ní fi í búra, àmọ́ ó tó láti yan ọ̀nà. Ó yan ife kékeré kan pẹ̀lú oúnjẹ. Tó bá fẹ́ tún mu lẹ́yìn náà, èyí tí kò ní káfíìnì ni.

Ara ò dọ́gba o. Mo ti rí alátọ̀gbẹ tó ṣe àárọ̀ mẹ́rin yìí tí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 8 lọ. Kò sí ìdí kankan tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi máa fi kọfí dúdú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ṣúgà. Tíì ló tún máa ń rí bẹ́ẹ̀ jù, nítorí káfíìnì rẹ̀ kéré. Bí tíì bá gbé ṣúgà yín sókè gan-an, ohun tí ẹ fi sínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ẹ́nájì dírìńkì: ẹ má fi ti oníṣúgà dán ara yín wò

Alátọ̀gbẹ kò nílò ìdánwò láti mọ̀ pé gíráàmù 27 inú agolo kékeré máa gbé ṣúgà sókè. Olómi ni, kò sí nǹkan tó máa dá a dúró nínú ikùn. Ohun tó pamọ́ ni pé ṣúgà yẹn lè ti sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, kí káfíìnì ṣì wà níbẹ̀ de oúnjẹ tó kàn. Oúnjẹ alẹ́ máa ń jẹ ẹ̀bi ohun tí agolo ọ̀sán ṣe.

Èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ṣúgà lẹ lè fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin òkè yìí wádìí. Káfíìnì rẹ̀ kò dín kù, nítorí náà ẹ má retí òdo. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, aláboyún àti ọmọdé, kí wọ́n má dán an wò rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibi tó kàn yìí bí ẹ bá ń gún ínsúlínì tàbí tí ẹ ń lo oògùn tó lè já ṣúgà yín wálẹ̀ jù. Ọwọ́ gbígbọ̀n, àyà tó ń lù kìkìkì, òógùn: àmì ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ni, àmì káfíìnì tó pọ̀ jù náà ni. Ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gún ìka. Bí ó bá wà lábẹ́ 70, gíráàmù 15 ṣúgà tó yára ni ẹ nílò, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Kọfí dúdú kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Agolo tí kò ní ṣúgà kò lè ṣe é, ìrísí rẹ̀ sì jọ ti oníṣúgà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ojú ń ṣú lè gbé e ní àṣìṣe. Bó bá jẹ́ oníṣúgà nìkan ló wà nítòsí, nǹkan bí mílílítà 140 nínú èyí tó ní 11 nínú 100 tó gíráàmù 15. Ẹ má sì fi èsì àárọ̀ mẹ́rin yí ìwọ̀n ínsúlínì yín padà fúnra yín. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà yín.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní àtọ̀gbẹ

Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láìjẹun, omi lásán ni kí ẹ mu. Kọfí dúdú kì í ṣe omi. Mo ti rí ẹni tó mu ún lọ́nà, tó ní òun kò tíì jẹun, àbájáde rẹ̀ sì wà lójú ààlà. A ní láti dá a padà sílé kó wá lọ́jọ́ mìíràn. Iye tí kò tó 100 ló dára fún ẹni tí kò tíì jẹun. Bó bá tó 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàrá àyẹ̀wò ló gbọ́dọ̀ fìdí rẹ̀ múlẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ ilé, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí ẹ bá sì rí i pé ṣúgà yín ga díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ní àárọ̀ kan tí ẹ mu kọfí lẹ́yìn òru àìsùn, ẹ rántí àwọn ará Bath. Ẹ tún un wò lọ́jọ́ tí ẹ sùn dáadáa.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ alẹ̀mọ́ra ni ẹ ń lò

Ìgbésẹ̀ kan náà ni, ó tilẹ̀ rọrùn jù, torí pé ẹ máa rí bí ìlà náà ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé omi inú ẹran ara ló ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ó máa ń fi ìṣẹ́jú mélòó kan tẹ̀ lé ẹ̀yìn. Fítámì C tó pọ̀ lè mú kí àwọn kan nínú wọn kọ iye tó ga ju òótọ́ lọ, àwọn ẹ́nájì dírìńkì kan sì ní in, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn hóró fítámì. Ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá máa sọ ìwọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí ìlà bá fò sókè lẹ́yìn agolo tí kò ní ṣúgà, ẹ fi ìka gígún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Bí ṣúgà bá kọjá 250 tí kò sì fẹ́ sọ̀kalẹ̀, tí èébì bá ń gbé yín, tàbí tí èémí yín bá ń yára, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọfí mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ. Ẹni tó ní oríṣi kìíní gbọ́dọ̀ yẹ kítóònì wò lọ́gán, ìyẹn èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ínsúlínì kò bá tó.

Ìyá náà ti padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Dókítà ti fi oògùn kejì kún mẹtifọ́mìnì rẹ̀, nítorí náà mo ní kó tún àárọ̀ mẹ́rin náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ife kékeré rẹ̀ ní ọjọ́ kọfí. Ó ti fa ìlà sínú ìwé tuntun kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó sì ti kọ "omi" sí iwájú ọjọ́ kìíní.